Ẹnu Kàtúùnù àti Ọ̀rọ̀ Tó Ń Jáde: Àwòrán Kan, Èdè Mẹ́ta

Ẹnu tí a yà kì í sọ̀rọ̀. Inú ẹ̀rọ ni ohùn ti ń wá, ojú ló ń rí àwòrán tó ń yí padà, ọpọlọ òǹwòran ló sì ń so méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé orísun kan ni wọ́n ní. Iṣẹ́ ẹni tó ń mú ẹnu kàtúùnù bá ọ̀rọ̀ mu ni láti fún ọpọlọ ní ìwọ̀nba àmì tí yóò fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹnu ènìyàn ń ṣe ni yóò yà. Ẹni tó bá ya gbogbo rẹ̀ yóò rí i pé ńṣe ni ẹnu ọ̀hún ń gbọ̀n lójú tí kò dúró síbì kan, kò sì ní jọ ọ̀rọ̀ mọ́.

Ní Maiduguri, tí àwọn Kanuri ń pè ní Yerwa, iṣẹ́ yìí tún ní ìṣòro kan tí ẹni tó ń ṣe kàtúùnù fún ìlú elédè kan kì í bá pàdé. Ọmọ kan níbẹ̀ lè máa bá ìyá rẹ̀ sọ Kanuri, kó fi Haúsá ná ọjà ní Monday Market, kó máa gbọ́ Lárúbáwá àwọn Ṣúwà lẹ́nu aládùúgbò, kó sì tún kàwé lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Yorùbá tí iṣẹ́ tàbí òwò gbé débẹ̀ náà ń bá ọmọ wọn sọ Yorùbá. Owó tí yíyà ìṣẹ́jú kan àwòrán ń ná ẹni kò jẹ́ kí a lè ya kàtúùnù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan la óò yà, a óò sì máa pààrọ̀ ohùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe Bino and Fino, kàtúùnù àwọn ọmọdé tí Adamu Waziri dá sílẹ̀ ní Àbújá, tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe kí wọ́n tó gbé e sí àwọn èdè Nàìjíríà. Ìbéèrè tí orí yìí ń bójú tó ni pé kí ni ojú òǹwòran kì í dárí rẹ̀ jì, kí sì ni a lè fò láìsí ẹni tí yóò mọ̀.

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ojú máa ń dá sí ohun tí etí ń gbọ́. Ní 1976, Harry McGurk àti John MacDonald tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n mú fíìmù ẹni tó ń sọ “ga”, wọ́n gbé ohùn “ba” lé e lórí, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó wò ó sì sọ pé “da” ni àwọn gbọ́. Ohùn náà kò yí padà rárá. Ẹni tó bá di ojú rẹ̀ á gbọ́ “ba” kedere. Ètè tí kò pa dé nínú àwòrán ló jẹ́ kí ọpọlọ wọn kọ̀ láti gba “ba” wọlé. Ayàwòrán tó bá fi ẹnu lílà sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ní “b” kò kàn ṣe àṣìṣe tí ojú rí nìkan, ó ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ létí ọmọ tó ń wo kàtúùnù náà.

Láti ibí yìí ni òfin àkọ́kọ́ ti jáde, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù: ibi tí ètè méjèèjì bá ti pàdé kò ṣeé fò. Nínú èdè Yorùbá, kọ́ńsónáǹtì mẹ́rin ló ń pa ètè dé: b, m, gb àti p. Ọ̀pọ̀ àtẹ ìrísí ẹnu tí àwọn ayàwòrán ń lò jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, “gb” kò sì sí níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń yà á bíi “g”, tí wọ́n ń fi ẹnu sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹni tó bá wo dígí kó sọ “gbogbo” yóò rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ètè òun pa dé pátápátá. “P” ti Yorùbá náà kò yàtọ̀ lójú: ẹ̀yìn ahọ́n ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ètè ni òǹwòran ń rí, ètè sì pa dé.

Ẹ̀yìn àwọn mẹ́rin wọ̀nyí ni “f” wà, tí eyín òkè ń kan ètè ìsàlẹ̀. Àwọn kọ́ńsónáǹtì yòókù, d, t, k, g, j, l, n, r, s, ṣ, h àti y, inú ẹnu ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ahọ́n ló ń ṣe é, òǹwòran kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ahọ́n. Fún wọn, ẹnu á kàn máa ya ìrísí fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé wọn. Nínú “ká”, ẹnu ti là fún “á” kí “k” tó parí. “W” ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ètè ń ṣù pọ̀ síwájú gẹ́gẹ́ bíi ti “u”, ìrísí “u” náà ló sì tó fún un.

Ti fáwẹ́lì kò le. Méje ni fáwẹ́lì àìránmúpè Yorùbá, ṣùgbọ́n ìrísí márùn-ún ti tó lójú. “I” àti “e” lè jọ lo ẹnu pẹrẹsẹ tí eyín hàn díẹ̀. “Ẹ” là díẹ̀ sí i. “A” ni ẹnu tó là jù. “Ọ” là, ó sì ṣe roboto. “O” àti “u” lè jọ lo ètè kékeré tó ṣù síwájú. Tí a bá fi ẹnu pípadé kún un, tí a sì fi ti “f” kún un, ìrísí méje nìyẹn, wọ́n sì tó fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí kàtúùnù lè sọ lédè Yorùbá. Fáwẹ́lì àránmúpè kò nílò àwòrán tirẹ̀: “ìyàn” àti “ìyà” kò yàtọ̀ lórí ètè, imú ló mọ ìyàtọ̀. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ náà kò sí lórí ètè. “Ọkọ”, “ọkọ́” àti “ọkọ̀” jọ ń lo ẹnu kan náà ni, kí ayàwòrán má ṣe da ara rẹ̀ láàmú lórí àmì ohùn. Tó bá fẹ́ kí ohùn gíga hàn, kó gbé e fún ìpéǹpéjú tàbí kó jẹ́ kí orí sún sókè díẹ̀.

Ibì kan wà tí àkọtọ́ Yorùbá ti máa ń tan ayàwòrán jẹ, àfi kí èèyàn fi etí sí ohùn kó tó mọ̀ ọ́n. Nínú “mo ń bọ̀”, “ń” la kọ sílẹ̀, àtẹ sì sọ pé ẹnu kì í pa dé fún “n”. Ṣùgbọ́n ẹnu tó bá ń sọ ọ́ ti pa dé láti ìgbà tí “ń” ti bẹ̀rẹ̀, nítorí “b” tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti fà á mọ́ra. Pípadé kan tó gùn ni, tó bẹ̀rẹ̀ lórí “ń” tó sì tú lórí “bọ̀”. Bẹ́ẹ̀ náà ni “ó ń gbọ́” àti “ó ń pè”. Nínú “ó ń fọṣọ”, eyín ti wà lórí ètè ìsàlẹ̀ kí “f” tó dé. Ẹni tó ń yà láti inú ìwé láìgbọ́ ohùn yóò ṣí ẹnu níbi tó yẹ kó pa á dé, àṣìṣe náà yóò sì gùn tó fírémù márùn-ún tàbí mẹ́fà. Òǹwòran yóò rí i dájú.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kàn. Tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ń lo fírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fírémù kan sì jẹ́ ìdá 40 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀pọ̀ kàtúùnù máa ń fi àwòrán kan sílẹ̀ fún fírémù méjì kó tó yí i padà, kì í sì í hàn sí ojú. Ìdí nìyí tí ẹnu pípadé kò fi gbọ́dọ̀ kéré sí fírémù méjì. Èyí tó bá jẹ́ fírémù kan ṣoṣo máa ń kọjá lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, yóò wá dà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rárá. Bí ọ̀rọ̀ bá yá débi pé àyè fírémù méjì kò sí, inú fáwẹ́lì tó ṣáájú ni ká ti jí i, ká má fọwọ́ kan èyí tó tẹ̀ lé e. Fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé pípadé ni ohùn ti ń bú jáde, ẹnu sì gbọ́dọ̀ là fún un lásìkò.

Ó sàn kí ẹnu ṣáájú ohùn ju kí ohùn ṣáájú ẹnu. Nínú ayé lásán, ìmọ́lẹ̀ yára ju ohùn lọ, ojú wa sì ti mọ̀ pé ẹni tó dúró lókèèrè á ti la ẹnu kí ohùn rẹ̀ tó dé etí. Ìlànà ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, fi hàn pé bí ohùn bá ṣáájú àwòrán pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 45 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, àwọn ènìyàn ti ń fura. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá gbẹ́yìn, ó lè tó ìdá 125 kí wọ́n tó mọ̀. Lórí fírémù 25, ìfura ti bẹ̀rẹ̀ bí ẹnu bá fi díẹ̀ ju fírémù kan gbẹ́yìn ohùn, bẹ́ẹ̀ ẹnu lè ṣáájú pẹ̀lú fírémù mẹ́ta láìsí wàhálà. Ìyẹn ló fà á tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń to ẹnu wọn sílẹ̀ kó bá ohùn mu gan-an, tí wọ́n á wá sún gbogbo rẹ̀ síwájú pẹ̀lú fírémù kan tàbí méjì.

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Nínú kàtúùnù náà, obìnrin kan tó ń ta fúrá ní Monday Market rí àlejò, ó sì ní, “Ẹ káàbọ̀ sí Maiduguri.” Wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ayàwòrán sì ti ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó ń kọ nọ́ńbà fírémù tí sílébù kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin náà kò kánjú. “Ẹ” bẹ̀rẹ̀ ní fírémù 10. “Ká” bẹ̀rẹ̀ ní 14, fáwẹ́lì rẹ̀ àti “à” tó tẹ̀ lé e sì gùn dé 22. Ètè pa dé fún “b” ní 23 àti 24. “Ọ̀” gba 25 dé 31, torí ó fa ohùn níbẹ̀. “Sí” gba 32 dé 36. Ètè tún pa dé ní 37 àti 38 fún “M”. “A” gba 39 dé 42, “i” gba 43 dé 45. “Du” àti “gu” gba 46 dé 54, “ri” sì parí rẹ̀ ní 60. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Sílébù mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, ìró tó wà nínú wọn sì tó mẹ́tàdínlógún. Bí ayàwòrán bá ń ya ìró kọ̀ọ̀kan, àwòrán mẹ́tàdínlógún ni yóò tẹ̀ léra láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Kò sí ìdí fún un. “K” kò hàn, nítorí náà ẹnu “a” lè bẹ̀rẹ̀ láti 14, kó wà bẹ́ẹ̀ dé 22, torí “á” àti “à” kò yàtọ̀ lórí ètè. Nínú “sí”, “s” àti “í” jọ lo ẹnu pẹrẹsẹ. “D” àti “g” inú ẹnu ni wọ́n wà, “du” àti “gu” á wá di àwòrán kan ṣoṣo, ètè kékeré tó ṣù, fún odidi fírémù mẹ́sàn-án. Ohun tó kù ni: “ẹ”, ẹnu lílà, pípadé, “ọ”, pẹrẹsẹ, pípadé, lílà, pẹrẹsẹ, ṣíṣù, pẹrẹsẹ. Ìyípadà mẹ́wàá nìyẹn, ìrísí mẹ́fà péré ló sì lò. Bó bá ti tò ó tán, yóò sún gbogbo rẹ̀ síwájú fírémù kan, tí pípadé àkọ́kọ́ yóò fi bọ́ sí 22 dípò 23.

Ó ṣì lè dín in kù sí i. “I” tó wà láàárín “Mai” kò ju fírémù mẹ́ta lọ, bí a bá sì yọ ọ́, ẹnu “a” á kàn rọra kéré títí tí yóò fi ṣù fún “du”. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá yọ pípadé kan nínú méjèèjì, “káàbọ̀” á dà bí “káàdọ̀” tàbí kí “Maiduguri” dà bí “Naiduguri”. Ọ̀nà tó dára láti ya ẹnu “a” tó gùn ni kí àwòrán àkọ́kọ́ là jù, kí èyí tó tẹ̀ lé e sì dín kù díẹ̀. Ẹnu tó dúró gbọin ní ìwọ̀n kan náà fún fírémù mẹ́sàn-án máa ń dà bí ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ojú.

Ibi tí ìṣòro Maiduguri ti wá hàn ni ìgbà tí ohùn bá yí padà. Obìnrin kan náà, ojú kan náà, fírémù 10 dé 60 náà, ṣùgbọ́n Haúsá ló ń sọ báyìí: “Barka da zuwa Maiduguri.” Ètè pa dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gan-an fún “B”, níbi tí ti Yorùbá ti wà ní “ẹ” lílà. Lẹ́yìn ìyẹn, ètè kò pàdé mọ́ títí dé “M”. Ẹnu pípadé tí a yà sí fírémù 22 fún “káàbọ̀” yóò bọ́ sí àárín “da zuwa”, níbi tí kò ti sí ìró kankan tó ń pa ètè dé. Ìlànà tó wà fún Yorùbá ti di irọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá: ó là níbi tó yẹ kó pa dé, ó sì pa dé níbi tó yẹ kó là.

Kanuri tún yàtọ̀ sí i. Ìkíni káàbọ̀ wọn ni “Wushe wushe”. Ètè kò pàdé rárá nínú rẹ̀. Ńṣe ló ń ṣù síwájú fún “wu”, tó ń tẹ́ díẹ̀ fún “she”, tó tún ń ṣù, tó tún ń tẹ́. Ìrísí méjì péré ti tó fún un. Sílébù mẹ́rin ló sì jẹ́, bí kò bá sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin náà á ti dákẹ́ nígbà tí ẹnu tí a yà fún Yorùbá ṣì ń lọ. Ẹnu tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ohùn ti dáwọ́ dúró ni àṣìṣe tí ọmọ kékeré máa ń kọ́kọ́ rí, òun ni wọ́n sì máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta ló wà, wọn kò sì dára bákan náà. Àkọ́kọ́ ni kí a ya ojú láìní ẹnu, kí ẹnu wà lórí ipele tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí a sì máa to ẹnu tuntun fún èdè kọ̀ọ̀kan. Ara, ọwọ́, ojú àti ẹ̀yìn àwòrán kò ní yí padà; ìrísí ẹnu náà ti wà nílẹ̀, bí wọn yóò ṣe tẹ̀ léra nìkan ni a óò tún tò. Fún gbólóhùn bí ti òkè yìí, ẹni tó mọwọ́ iṣẹ́ lè tò ó láìpẹ́ rárá. Ọ̀nà kejì ni kí ògbufọ̀ wá ọ̀rọ̀ tí ètè rẹ̀ á pàdé níbi tí ti àkọ́kọ́ ti pàdé. Àwọn tó ń gbé fíìmù láti èdè kan sí òmíràn máa ń ṣe é, ó sì máa ń dùn ún wò bó bá bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fi agbára wá “b” sínú ìkíni tí kò ní in, bí a bá sì fi agbára wá a, ìyá Kanuri tó ń gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ènìyàn kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni kí a dín ẹnu kù débi tí kò ní jẹ́ ti èdè kankan.

Ọ̀nà kẹta yìí ti pẹ́ láyé. Nígbà tí William Hanna àti Joseph Barbera bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàtúùnù fún tẹlifíṣọ̀n ní 1957, owó tó wà lọ́wọ́ wọn kéré púpọ̀ sí ti sinimá, wọ́n sì ń dín àwòrán kù débi pé orí nìkan tàbí ẹnu nìkan ló ń ṣiṣẹ́ tí ara yóò dúró. Ní Japan, kàtúùnù Tetsuwan Atomu tí Osamu Tezuka gbé jáde ní 1963 náà fi ìwọ̀nba ìrísí ẹnu ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnu mẹ́ta ló sábà máa ń tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: pípadé, lílà díẹ̀, lílà púpọ̀. Ẹnu mẹ́ta yìí kò tẹ̀ lé lẹ́tà. Ìwọ̀n agbára ohùn ló ń tẹ̀ lé: ohùn bú jáde, ẹnu là púpọ̀, ohùn rọlẹ̀, ẹnu là díẹ̀, olùsọ̀rọ̀ mí, ẹnu pa dé. Àṣírí rẹ̀ ni pé kò gbọ́dọ̀ pa dé pátápátá láàárín gbólóhùn, àyàfi níbi tí ìdákẹ́ wà. Bó bá ń pa dé lẹ́yìn sílébù kọ̀ọ̀kan, á dà bí ẹja tí wọ́n gbé jáde nínú omi. Ó sì tún yẹ kí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró tó fírémù mẹ́ta ó kéré tán.

Ẹnu mẹ́ta kò dára fún gbogbo ibi. Bí ojú obìnrin oní-fúrá bá gba ìdajì ojú tẹlifíṣọ̀n, tó ń sọ gbólóhùn tí ìtàn dúró lé, òǹwòran ń wo ètè rẹ̀ gan-an, wọ́n á sì mọ̀ pé “káàbọ̀” kò ní “b”. Níbẹ̀, ìrísí méje ni kí a lò, kí a sì tò ó lọ́tọ̀ fún èdè kọ̀ọ̀kan. Bí a bá rí i láti orí dé ẹsẹ̀, tí ọjà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò ní ju ẹyọ ẹ̀wà lọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Mẹ́ta ti tó, púpọ̀ rẹ̀ yóò kàn máa ṣẹ́ lójú ni. Bí èrò ọjà bá ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnu kọ̀ọ̀kan kàn máa là, kó máa pa dé lásìkò tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá, àwọn pípadé ni kí a kọ́kọ́ fi síbẹ̀, lẹ́yìn náà fáwẹ́lì tí ohùn tẹnu mọ́, ká sì fi ìyókù sílẹ̀. Fóònù kékeré tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń wo kàtúùnù náà wà nínú ìṣirò yìí, nítorí ìyàtọ̀ “ẹ” sí “e” kì í yè lórí rẹ̀.

Àṣà ìlú náà ní ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀. Bàbá tó fi láwàní bo ẹnu nítorí eruku kò nílò ẹnu kankan. Kí aṣọ náà máa mì díẹ̀ tí ohùn bá bú ti tó. Ẹni tó ní irùngbọ̀n kíkún kò béèrè ju kí irùngbọ̀n máa sún sókè sódò. Ẹni tó kẹ̀yìn sí wa, tàbí tí a ń wo ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ dípò ojú tirẹ̀, lè sọ èdè mẹ́wàá láìsí pé a tún àwòrán yà. Ayàwòrán tó gbọ́n á ti mọ èyí nígbà tó bá ń pín ìtàn sí ìran, á gbé gbólóhùn gígùn tó kún fún àlàyé sí irú ibẹ̀, á sì fi àwọn gbólóhùn kúkúrú tó ní agbára sílẹ̀ fún ojú tó sún mọ́ wa.

Sọ́fítíwíà lè ṣe apá kan iṣẹ́ náà. Rhubarb Lip Sync jẹ́ ọ̀kan tí ènìyàn lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́; a ó fún un ní ohùn, yóò sì sọ ìrísí ẹnu tó yẹ ní àkókò kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, etí èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń gbọ́, ó sì máa ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú Kanuri tàbí Yorùbá. Fún èdè mìíràn, a gbọ́dọ̀ sọ fún un kó tẹ́tí sí ìró nìkan:

```
rhubarb -r phonetic -o enu.txt ohun.wav
```

Inú fáìlì `enu.txt` ni àkókò àti lẹ́tà ìrísí yóò wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. `A` ni ẹnu pípadé tó jẹ́ ti b, m àti p, `D` ni ẹnu tó là jù, `F` ni ètè tó ṣù, `G` ni ti f, `X` sì ni ìdákẹ́. Àkókò náà wà ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá fi 25 sọ ọ́ di púpọ̀, nọ́ńbà fírémù ló jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ kò burú fún fáwẹ́lì. Ibi tó ti ń ṣìnà ni pípadé, nítorí kò mọ “gb”, kò sì mọ̀ pé “ń” ti “mo ń bọ̀” ti pa ètè dé. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tó bá wọ inú ohùn náà máa ń dà á láàmú. Ó lè máa la ẹnu níbi tí ẹnì kankan kò ti sọ̀rọ̀. Nítorí náà, yàrá tó dákẹ́ la ti ń gba ohùn, lẹ́yìn náà ènìyàn tó gbọ́ èdè yóò kọ gbogbo b, m, gb àti p inú gbólóhùn sílẹ̀, yóò sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá `A` wà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ ti dára kò nílò ẹ̀rọ. A ó pa ohùn, a ó wo ìran náà, a ó sì fún ẹni tó gbọ́ èdè ọ̀hún ní ìwé tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ kó máa kà á pẹ̀lú ẹnu náà. Níbi tí ètè rẹ̀ bá pa dé tí ti kàtúùnù sì là, àṣìṣe wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó tan ohùn, tí a ó sì wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìwọ̀n bí òǹwòran yóò ṣe rí i, láìdúró sórí fírémù kankan. Àṣìṣe tí kò hàn nínú ìwò kan yẹn kò tọ́ sí owó tàbí àkókò ẹnikẹ́ni. Fún kàtúùnù tí yóò gba Kanuri, Haúsá àti Yorùbá, ẹlédè kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ wo tirẹ̀, nítorí ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè mọ ibi tó yẹ kí ètè ti pàdé.